Mo pè é ní ibà

Ẹ bá mi yin Olúwa! Mẹkáníìkì ni mí n'Ìbàdàn, ọmọ ọdún 38. Lọ́dún tó kọjá ni mo gbéyàwó. Gbogbo àgbà tó dìde lọ́jọ́ náà ló ń wúre pé ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mẹní. Èmi náà ń ṣe àmín, láìmọ̀ pé oṣù márùn-ún gbáko ni nǹkan ọmọkùnrin mi kò ní dáhùn.

Mo fi pamọ́. Mo máa ń pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù títí tí mo bá fi mọ̀ pé ìyàwó ti sùn, n óò wá ní ẹ́ńjìnnì oníbàárà kan ló dá mi dúró. Ìyá alágbo tó wà lẹ́nu gáréèjì ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Mo jáwọ́ nínú ṣúgà inú tíì, mo ń mu paraga ní alaalẹ́, míníráàlì tútù ni mo sì fi ń mú kíkorò rẹ̀ kúrò lẹ́nu. Ẹ ò rí ọgbọ́n mi!

Lóru ọjọ́ kan ìyàwó mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún. “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni, àbí ẹ lẹ́nìkan níta?” Mi ò lè dáhùn. Ilẹ̀ mọ́, mo gba kílíníìkì lọ.

Akọ̀wé tó ń gba káàdì béèrè ohun tó ń ṣe mí, ojú èrò sì pọ̀ lẹ́yìn mi. Mo ní ibà ni. Mo dé ọ̀dọ̀ dókítà, ibà náà ni mo tún pè é. Baba ti ń kọ àyẹ̀wò ibà lọ kí n tó sọ pé, “Dókítà, ẹ má bínú, kì í ṣe ibà.” Wọ́n gbé bírò sílẹ̀, wọ́n lọ ti ilẹ̀kùn.

Ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí pa mí lẹ́rìn-ín: ṣé ó ń dìde tí mo bá jí láàárọ̀? Wọ́n ní tó bá ń le láàárọ̀ àmọ́ tó ń kọ̀ nígbà tí èèyàn bá dé ọ̀dọ̀ ìyàwó, ìbẹ̀rù tàbí ìrònú ló sábà máa ń fà á. Tí kò bá dìde láàárọ̀ mọ́ rárá, wọ́n á yẹ inú ara wò. Tèmi ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀ kí n tó gbéyàwó, iṣẹ́ ni mo rò pé ó ń rẹ̀ mí. Wọ́n bi mí nípa ìtọ̀. Mo ní mo ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lóru, èèrà sì máa ń bo ibi tí mo bá tọ̀ sí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọṣẹ́ mi ti fi ṣẹ̀fẹ̀ rí.

Wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ kejì láìfẹnu kan oúnjẹ. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ 231 mg/dL. Tí ara bá dá, kì í tó 100 lórí òfìfo. Tó bá pé 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà méjì, àtọ̀gbẹ ni. Wọ́n tún un yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó jẹ́ 224. Wọ́n ṣàlàyé pé ṣúgà tó pọ̀ ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké jẹ́, àti iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ dé ara. Iṣan ibẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju tọkàn lọ, òun ló fi sábà máa ń kọ́kọ́ pariwo.

Wọ́n fún mi ní mẹtifọ́ómìn, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ pẹ̀lú oúnjẹ, wọ́n sì gba paraga àti míníráàlì lẹ́nu mi. Wọ́n bi mí bóyá mo ń lo oògùn abẹ́ ahọ́n fún àyà dídùn, torí òun àti sìdẹnafíìlì, oògùn tó ń ran nǹkan ọmọkùnrin lọ́wọ́ láti dìde, lè já ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ débi ikú. Mo ní rárá, wọ́n wá kọ sìdẹnafíìlì fún mi.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo jẹ àmàlà àti ọ̀rá ẹran yó, mo lo oògùn, mo wá jókòó ń wo tẹlifíṣọ̀n, mò ń retí kó dìde fúnra rẹ̀. Kò dìde. Mo padà lọ fìbínú jà. Dókítà rẹ́rìn-ín: ọ̀rá ń fa oògùn náà sẹ́yìn, kò sì ní ṣiṣẹ́ láìsí ìfẹ́ ìbálòpọ̀. Kí n lò ó nígbà tí inú mi kò tíì kún, ní nǹkan bíi wákàtí kan kí n tó sún mọ́ ìyàwó mi, kí n má sì torí ẹ̀ẹ̀kan pe oògùn náà ní aláìṣiṣẹ́.

Ìyẹn ni mo fi sọ fún ìyàwó mi. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní, “Èmi ti rò pé ẹwà mi ti tán ni.” Òun ló bá mi lọ nígbà kẹta. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ṣúgà mi wá sí 118. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń dáhùn, àtọ̀gbẹ náà kò sì lọ, ṣùgbọ́n láàárọ̀ Sátidé kan mo jí, mo rí i pé ó ti jí ṣáájú mi!

Lọ́jọ́ Àìkú mo gbé ọrẹ ọpẹ́ jáde. Ìyàwó mi rọra fà mí láṣọ pé kí n sáà ní “àìsàn” ni. Mo ní mo ti pè é ní ibà rí.