Ìkẹ́rẹ́ ló wá bèèrè ìtumọ̀ sí

Ìyá wa kékeré ló sọ ọ̀rọ̀ tó dùn mí. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti Jámánì wá lò nílé, ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. A ti jẹ iyán tán, iná ti lọ, a jókòó síta, ni àwòrán kan bá wọlé sórí Wasáàpù mi láti Jámánì. Ọmọ wọn ló fi ránṣẹ́. Wẹ́dà ni, ó ti lo ọdún mẹ́rin lọ́hùn-ún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo ohun tí wọ́n kọ sórí ìwé yìí, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá, kí n má baà ṣì í gbọ́." Ìyá wa ní, "Ṣé kò sí aládùúgbò tó lè kà á fún un ni? Àbí kì í ṣe èdè wọn ni?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá. Iná, omi, ọ̀nà, kí ni mo tún fẹ́ sọ nípa wọn tí ẹ kò tíì gbọ́? Ibi tó ń dun èmi nìyí. Ní Ìkẹ́rẹ́, bí lẹ́tà bá dé, ọmọ tó ń kọjá lọ yóò kà á fún ìyá arúgbó, wọ́n á sì bu oúnjẹ fún un. Lọ́hùn-ún, ọdún 11 ni mo ti ń gbé ilé kan náà, ara aago ẹnu ọ̀nà ni mo ti ka orúkọ ẹni tó ń gbé lókè mi. Ọmọ yìí wà láàárín àwọn tó ni èdè, Ìkẹ́rẹ́ ló sì wá bèèrè ìtumọ̀ sí.

Àwòṣe ìdánwò èdè Jámánì tí wọ́n ń pè ní Goethe B1 ni ìwé náà, èyí tí wọ́n fi ń múra sílẹ̀, apá ti ìwé kíkà. (Ti ọjọ́ ìdánwò gan-an, ẹni tó bá yà á ní fọ́tò, wọ́n á ní kó dìde kó máa lọ.) Ó ti ká ìwé náà sí méjì kó tó yà á, òjìji orí rẹ̀ sì bò ó. Mo fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, mo kà á débi tí wọ́n ti ní kó kọ̀wé kó hàn ketekete, kó sì lo "einen Bleistift", ìyẹn pẹ́ńsù. Kò ṣàjèjì sí mi rárá: nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá wa, pẹ́ńsù HB la fi ń kun ìdáhùn. Mo ti fẹ́ sọ ọ́ sínú fóònù kí n tó rí i pé àlàfo tó ṣáájú ọ̀rọ̀ náà fẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, ojú ibi tí ìwé ti ká gan-an sì ni. Mo ní kó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí tábìlì, kó má dúró sójú iná, kó tún un yà. Lẹ́tà k yọ. "Keinen Bleistift": kò gbọdọ̀ lo pẹ́ńsù. Báírò ni.

Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn kò gba "Hilfsmittel" láyè. Bí mo bá tú u ní olówuuru pé kò sí ìrànlọ́wọ́, yóò rò pé kò sẹ́ni tó máa dá òun lóhùn bí báírò òun bá gbẹ. Mo sọ fún un pé ohunkóhun tó lè bá a dáhùn ìbéèrè kò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé atúmọ̀ èdè àti fóònù ni wọ́n dárúkọ, àmọ́ "z. B." ṣáájú wọn, ìyẹn "bí àpẹẹrẹ". Nítorí náà, aago ọwọ́ tó ń gba ìpè, kó fi sílé.

Ti àkókò ni mo sọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣẹ́jú 65 ni ti ìwé kíkà, dída ìdáhùn kọ sínú ìwé ìdáhùn sì wà nínú 65 náà. Apá ìgbọ́rọ̀ ni wọ́n ti ń fúnni ní ìṣẹ́jú 5 lẹ́yìn rẹ̀ láti dà á kọ. Ẹni tó bá ń retí irú ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ nínú ìwé kíkà, wọ́n á gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ ní òfìfo.

Nígbà tèmi nílé, olùṣọ́ ìdánwò dúró níwájú, ó ka gbogbo òfin sókè, ó tún fi Yorùbá là á yé àwọn tó wà lẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni ò dá nìkan ṣì í gbọ́. Olùṣọ́ kan náà ló sì fi ìṣẹ́jú tó wù ú kún àkókò nítorí ọmọ ẹnì kan. Ìdí tí mi ò fi kábàámọ̀ pé mo lọ nìyẹn: lọ́hùn-ún, 65 ni 65 fún gbogbo wa. Mo ń sọ ọ́ fún Ìyá wa, mo sì mọ̀ pé ara mi ni mò ń bẹ̀.

Wọ́n ní, "Ta ló máa sìn ín lọ?" Mo ní kò sí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí n fi kún un pé kó jẹun kó tó jáde. Mo tún tẹ fóònù, mo sì sọ bẹ́ẹ̀.