“Ó wọ́n” kọ́ ni obìnrin náà sọ: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí ìjíròrò agbo àti ìtúpalẹ̀ rẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ìwádìí ọjà, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ dá lórí gbólóhùn kúkúrú kan tí obìnrin kan sọ nínú yàrá kan ní Yábà. Mo jókòó sí iwájú rẹ̀ nígbà tí ó sọ ọ́, etí mi sì gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà kí n tó mọ ohun tí ó sọ.

Ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń ṣe tòmátì alágolo àti onísáṣẹ́ẹ̀tì ni ó gbé iṣẹ́ náà fún wa. Wọ́n fẹ́ mọ ìdí tí àwọn obìnrin Èkó fi ń ra sáṣẹ́ẹ̀tì kéékèèké léraléra, nígbà tí ó jẹ́ pé bí ènìyàn bá ṣírò rẹ̀ ní gíráàmù kọ̀ọ̀kan, agolo ńlá ni kò gbówó lórí. Kí wọ́n tó pè wá ni wọ́n ti ní ìdáhùn lọ́wọ́, pé owó tí yóò ra agolo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni kò sí. A ṣètò agbo mẹ́rin, méjì ní Yábà, méjì ní Ṣómólú, obìnrin mẹ́jọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́wàá ni a máa ń pè kí mẹ́jọ lè dé, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ni a yà sọ́tọ̀ fún ìjíròrò kọ̀ọ̀kan, rẹ́kọ́dà méjì wà lórí tábìlì kí ọ̀kan má baà já wa kulẹ̀, ẹnì kan sì jókòó sí igun yàrá tí ó ń kọ nọ́ńbà ìjókòó ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ àti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ẹ má ṣe fojú kékeré wo iṣẹ́ ẹni tí ó wà ní igun yẹn, nítorí pé bí obìnrin mẹ́jọ bá ń sọ̀rọ̀ pọ̀, rẹ́kọ́dà kò ní sọ fún yín ta ni ó ni ohùn wo.

Agbo àkọ́kọ́ bà jẹ́ lọ́wọ́ mi. Màámà kan wà láàárín wọn tí ó ju gbogbo wọn lọ dáadáa ní ọjọ́ orí. Mo bi gbogbo agbo pé kí ni ìdí tí ẹ fi ń ra sáṣẹ́ẹ̀tì, Màámà ni ó kọ́kọ́ dáhùn, ó ní kò sí owó níta. Láti ibẹ̀, gbogbo àwọn yòókù ń sọ pé, “Bí Màámà ṣe sọ ọ́ náà ni.” Inú mi dùn, mo rò pé ẹnu wọn kò. Ṣùgbọ́n èwo nínú wọn ni yóò la ẹnu sọ fún àgbàlagbà ní gbangba pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí ní ilé tòun? Ọ̀wọ̀ ni mo gbọ́, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé èrò ni. Àmì tí ẹ ó fi mọ̀ nìyí: bí agbo bá ń gbà fún ara wọn, tí ẹnikẹ́ni kò sì fi ìtàn tirẹ̀ kún un, ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ náà.

Nǹkan méjì ni mo yí padà kí a tó ṣe agbo kejì. Mo pín àwọn obìnrin náà ní ọjọ́ orí, kí àwọn tí kò tíì pé ọdún márùndínlógójì má ṣe jókòó pẹ̀lú àwọn tí ó ti kọjá márùndínláàádọ́ta. Èkejì ni pé mo dẹ́kun bíbéèrè ìdí. Mo gbé agolo àti sáṣẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ lórí tábìlì, mo sì ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ fún wa nípa ọbẹ̀ tí wọ́n sè kẹ́yìn ní ilé rẹ̀: ta ni ó sè é, níbo ni ẹ̀yin wà nígbà náà, ta ni ó lọ ra tòmátì, kí ni ó sì ṣẹ́kù. Bí obìnrin bá ń ròyìn ìkòkò tirẹ̀, kò ta ko ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ òun ni ó kéré jù nínú yàrá, ọ̀rọ̀ ìkòkò rẹ̀ kò ní àgbà. Ó yà mí lẹ́nu bí ẹnu wọn ṣe là.

Níbẹ̀ ni obìnrin tí ó jókòó sí àga kẹta, tí ó ń ta aṣọ ní ọjà, ti sọ pé ọmọbìnrin òun ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ó ń se ọbẹ̀ bí òun kò bá tíì dé. Mo ń wo ìwé ìbéèrè mi ní àsìkò náà, nítorí pé aago ti ń sáré. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, mo mi orí, mo sì kọjá sí ẹni kẹrin. Bí mo bá bi í pé, “Ẹ ṣàlàyé ìyẹn díẹ̀ sí i fún wa, ẹ jọ̀ọ́,” bóyá n kì bá tí kọ ìwé yìí.

Bí a bá ṣe tán, a ó fi ọ̀rọ̀ inú rẹ́kọ́dà ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ń tẹ̀ ẹ́. Wákàtí kan ọ̀rọ̀ máa ń gba wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà láti tẹ̀, bí ó bá sì jẹ́ ti agbo ènìyàn, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí èyí ni àwọn tí ń tẹ̀ ẹ́ kì í fi í fi àmì ohùn sí i. Lẹ́yìn náà, ẹlòmíràn túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni ilé-iṣẹ́ tó gbé iṣẹ́ fún wa fẹ́ kà, Gẹ̀ẹ́sì yẹn nìkan ni èmi náà sì fi ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ obìnrin àga kẹta yẹn, ohun tí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ kọ ni “o ti won fun mi”. Ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ kà á sí “ó ti wọ́n fún mi”, ó sì gbé e sínú Gẹ̀ẹ́sì pé nǹkan náà ti gbówó lórí jù fún obìnrin náà. Èmi wá so kóòdù mọ́ ọn, ìyẹn orúkọ kúkúrú tí a fi ń kó àwọn gbólóhùn tí ó jọra pọ̀, mo pè é ní “owó”, mo sì kó o pọ̀ mọ́ nǹkan bí ogójì gbólóhùn mìíràn tí mo ti pè ní “owó”.

Bí mo ṣe rí àṣìṣe náà ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Mo ń to àwọn gbólóhùn inú kóòdù “owó” sínú ṣíìtì, agbo wo, nọ́ńbà ìjókòó wo, ìṣẹ́jú wo, kí ni ó sọ. Mo máa ń gbé gbólóhùn tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀ lé e wá pẹ̀lú rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má baà dá dúró láìní ilé. Nígbà tí mo dé orí ti ẹni kẹta, ohun tí mo rí ni pé: mo máa ń fún un ní méjì kí n tó jáde, ó ti gbówó lórí jù fún mi, tí mo bá dé, mo ti mọ iye tó lò. Ọ̀rọ̀ àárín kò bá ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rẹ́ rárá. Ọ̀wọ́n ọjà kò lè jẹ́ kí ènìyàn mọ iye tí ọmọ lò nílé. Mo lọ ṣí rẹ́kọ́dà, mo wá ìṣẹ́jú náà, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin. “Ó ti wọ̀n ọ́n fún mi” ni obìnrin náà sọ. Sáṣẹ́ẹ̀tì ni ó ń bá a wọn tòmátì.

Ní ọdún 2006, àwọn olùwádìí méjì, Virginia Braun àti Victoria Clarke, ṣàlàyé irú ìtúpalẹ̀ yìí ní ìpele mẹ́fà, ìpele àkọ́kọ́ sì ni kí ènìyàn kà á, kí ó sì gbọ́ ọ títí ọ̀rọ̀ yóò fi mọ́ ọn lára kí ó tó so kóòdù kankan mọ́ ọn. Ìpele yẹn ni mo fò. Mo padà sí i. Mo gbọ́ agbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì ń fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ Yorùbá bí mo ṣe ń gbọ́ ọ. Kóòdù “owó” tú ká lọ́wọ́ mi. Díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ti owó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ jẹ́ nǹkan mìíràn: “mo ka mẹ́ta sílẹ̀ fún un”, “agolo tí wọ́n bá ti ṣí, ta ni ó mọ bí wọ́n ṣe bù ú”, “kò sí iná, ó ti hu funfun kí n tó dé”, “ẹyọ kan, ìkòkò kan”.

Ibí yìí ni mo ti mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àkòrí àti kókó-èrò. “Owó” jẹ́ àkòrí. Gbogbo ohun tí ó bá ti mẹ́nu kan owó ni a lè jù sínú rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan fún ẹni tí ó ń kà á. Kókó-èrò gbọ́dọ̀ jẹ́ odidi gbólóhùn tí ènìyàn lè jiyàn sí. Tiwa di èyí: obìnrin tí kò sí nílé ń fi sáṣẹ́ẹ̀tì ṣàkóso ìkòkò tí ẹlòmíràn ń sè.

Mo wá ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò ta kò ó. Obìnrin méjì ní Ṣómólú ni mo rí: inú ilé ni àwọn méjèèjì ti ń rán aṣọ, àwọn fúnra wọn ni ó ń se ọbẹ̀, owó nìkan ni wọ́n sì sọ. Mo ti fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀ pé méjì péré ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi nígbà náà ní kí n kọ wọ́n sí ojú ewé kan náà pẹ̀lú kókó-èrò yẹn. Òun ni ó tọ̀nà, nítorí pé àwọn méjì náà ni wọ́n fi ààlà rẹ̀ hàn: ẹni tí ó ń jáde kúrò nílé kí ìkòkò tó gorí iná ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Nígbà tí a gbé e lọ fún ilé-iṣẹ́ náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ wọn ni pé ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin Èkó ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún wọn pé agbo mẹ́rin kò lè dáhùn ìyẹn, àti pé mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ “obìnrin mẹ́fà nínú mẹ́jọ” kúrò nínú ìjábọ̀ ni, nítorí pé nínú agbo, ẹni tí ó dákẹ́ kò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọn kò fẹ́ràn ìdáhùn náà. Ṣùgbọ́n kí a tó kúrò níbẹ̀, wọ́n ní kí a kọ ìbéèrè méjì kan tí wọn yóò fi sínú ìwádìí oníye tí wọ́n ń múra rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀kan lórí ẹni tí ó ń se ọbẹ̀ bí ìyá ilé kò bá sí, èkejì lórí ẹni tí ó ń ka sáṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Mo fi àmì ohùn sí méjèèjì kí n tó fi wọ́n ránṣẹ́.