Ọdún tí mo di ààrẹ ẹgbẹ́ obìnrin

Bí ọdún yìí ṣe ń kógbá sílé, ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹsàn-án ni ọkàn mi ń padà sí ṣáá. Wọ́n ti ka ìbò tán nínú gbọ̀ngàn ìjọ wa ní Ìbàdàn, wọ́n sì pe orúkọ mi. Ìyá tó ń gbé ipò náà sílẹ̀ fi ìwé ńlá ẹgbẹ́ lé mi lọ́wọ́, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi wé e. Mo ṣí i. Ọwọ́ ìkọ̀wé olóògbé Màmá Akápò ló wà níbẹ̀, tó rí gbọgbọrọ, tó sì dáwọ́ dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kejì.

Mo kúnlẹ̀ kí àwọn ìyá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó dìbò fún mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó dìbò fún ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ du ipò náà, torí pé gbogbo wọn ni n ó sìn. Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, Màmá Akápò kò jẹ kọ́bọ̀ owó wa rí. Ọdún 11 ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú àkáǹtì tiwọn ló wà."

Gbogbo wa la mọ ìyókù. Nígbà tí wọ́n kú, báńkì ti àkáǹtì náà pa, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá gbọ́ ikú oníbàárà. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ lọ gba ìwé àṣẹ àbójútó ogún nílé ẹjọ́ gíga. Owó ẹgbẹ́ tó jẹ́ 386,000 náírà há mọ́ owó olóògbé. Láàárín oṣù mélòó kan, méjì nínú wa di opó. 50,000 náírà ni òfin ẹgbẹ́ ní ká fún opó kọ̀ọ̀kan. Igbá la gbé kiri: ẹni àkọ́kọ́ gba 31,500, ẹnì kejì gba 22,000. Èmi ni mo gbé àpòòwé ẹnì kejì lọ fún un. Ó dúpẹ́, kò sì kà á lójú mi. Èyí dùn mí ju bí ì bá ṣe kà á lọ.

Nítorí náà mo sọ fún wọn pé iṣẹ́ mi àkọ́kọ́ ni kí owó ẹgbẹ́ máa jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́. Ìkejì ni pé a kò ní dá aṣọ ẹgbẹ́ títí a ó fi san ẹ̀kún owó àwọn opó méjèèjì. Wọ́n kùn díẹ̀. Ìyá àgbà kan béèrè pé, "Ààrẹ, ìkórè ńkọ́?" Mo ní, "Màmá, a ó wọ èyí tí a ní."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a dé báńkì, wọ́n dá wa padà. A mú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìjọ dání, lẹ́tà tí àlùfáà fọwọ́ sí, àkọsílẹ̀ ìpàdé tó dárúkọ àwọn tí yóò máa buwọ́ lùwé, fọ́tò wa àti nọ́ńbà BVN wa. Àṣé "Ẹgbẹ́ Obìnrin" ni lẹ́tà wí, "Ẹgbẹ́ Ìyá" ni àkọsílẹ̀ ìpàdé kọ. A tún un kọ, a padà lọ, wọ́n gbà á.

Àwa mẹ́ta la ń buwọ́ lù ú: akápò, akọ̀wé àti èmi. Ẹni méjì gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé kí owó tó jáde, akápò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan, àyàfi tó bá ń ṣàìsàn tàbí tí kò bá sí. Bí ẹnì kan bá kú tàbí tó rìnrìn-àjò, owó kò ní há. Wọ́n fẹ́ fi àkáǹtì náà sórí fóònù fún wa, mo kọ̀. Ẹni tó bá mọ nọ́ńbà àṣírí orí fóònù lè dá owó yọ láìsí ìbuwọ́lùwé kejì.

Ní ìpàdé oṣù kọkànlá, mo ka ìwé ńlá sókè, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti báńkì. Tiwa wí 214,500, tiwọn wí 214,350. Ojú akápò tuntun fà ro. A tọpa 150 náírà náà: owó mẹ́ta tó ju 10,000 lọ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì náà, báńkì sì yọ owó orí 50 náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. A kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a sì lọ síwájú.

Àwọn ọmọ Màmá Akápò ṣì ń lọ, wọ́n ń bọ̀ nílé ẹjọ́, a kò sì fúngun mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù yìí, a san 18,500 fún opó àkọ́kọ́, 28,000 fún ẹnì kejì. Àwọn méjèèjì buwọ́ lùwé ńlá. Ẹnì kejì ka tirẹ̀ lójú mi, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.