Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára òkè ayọnáyèéfín: ẹ wá ibi tí gáàsì gbà jáde

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa àpáta, nígbà tí mo wà ní ipò yín, mo gbà pé bí àpáta yíyọ́ bá ṣe gbóná tó ni yóò ṣe bú gbàmù tó. Òdìkejì rẹ̀ ló sábà máa ń rí. Àpáta yíyọ́ ti òkè ayọnáyèéfín Kílaúéà ní Hàwáì máa ń gbóná tó nǹkan bí 1,150 dígírì Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, síbẹ̀ ó sábà máa ń rọra ṣàn bí odò, nígbà tí èyí tó fọ́ Òkè Sẹ́ǹtì Hẹ́lẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1980 kò gbóná tó o.

Ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá ló kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. Lábẹ́ Hàwáì, àpáta gbígbóná ń gòkè láti ìsàlẹ̀ jíjìn, bí ẹrù tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sì ṣe ń dín kù ni díẹ̀ nínú rẹ̀ ń yọ́. Lábẹ́ Sẹ́ǹtì Hẹ́lẹ́ǹsì, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló ń wọ abẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ lọ pẹ̀lú omi nínú, omi náà sì ń mú kí àpáta tó wà lókè rẹ̀ tètè yọ́. Kí èyí tó dé òkè, sílíkà, èròjà àpáta tó ń mú kó ki, ti pọ̀ sí i nínú rẹ̀, ó sì ti ki gan-an.

Gáàsì, èyí tí oru omi pọ̀ jù nínú rẹ̀, wà nínú àwọn méjèèjì. Nísàlẹ̀, ẹrù ilẹ̀ kò jẹ́ kó jáde. Bí wọ́n ṣe ń gòkè ló ń di ìhó. Nínú èyí tó ṣàn, ìhó náà ń rí ọ̀nà bá lọ. Nínú èyí tó ki, ó há, ó ń wú, títí yóò fi fa àpáta yíyọ́ náà ya wẹ́wẹ́ di eérú. Bí ẹ bá mú òkúta fífúyẹ́ tó léfòó lórí omi, ẹ wò ó dáadáa: àwọn ihò inú rẹ̀ ni ojú ibi tí ìhó há sí.

Ní Sẹ́ǹtì Hẹ́lẹ́ǹsì, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì ní oṣù kẹta, ẹ̀gbẹ́ àríwá òkè náà sì ń wú síta ju mítà kan lọ lójoojúmọ́, nítorí àpáta kíki ti há sí inú rẹ̀. Ní agogo mẹ́jọ ààbọ̀ kọjá díẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún, ilẹ̀ mì, ẹ̀gbẹ́ tó wú náà ya lulẹ̀. Ẹrù tó dí gáàsì mọ́lẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì kọ́kọ́ bú sí ẹ̀gbẹ́ dípò òkè. Ènìyàn 57 ló kú, àwọn kan nínú wọn sì wà ní ibi tí wọ́n rò pé ó jìnnà tó. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ́kọ́ béèrè ẹ̀gbẹ́ tó ń wú kí n tó wo ẹnu òkè.

Ẹ má tìtorí èyí gbà pé Kílaúéà kò lè bú. Ní ọdún 1924, àpáta yíyọ́ inú rẹ̀ fà sẹ́yìn lọ sísàlẹ̀, òkúta gbígbóná sì sọ omi abẹ́ ilẹ̀ di oru, ó sì ń ju àpáta ńláńlá jáde. Gáàsì tó há náà ni, àmọ́ láti ìta ni ó ti wọlé.