Fọ́tò àpótí oògùn Màmá

Alẹ́ Ọjọ́ Àìkú.

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ ni àbúrò mi fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí Wátsáàpù láti Ìbàdàn, bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo alẹ́ Ọjọ́ Àìkú. Àpótí oògùn Màmá ni, ike gbọọrọ tó ní ihò mẹ́rìnlá, méje fún àárọ̀, méje fún alẹ́, tí wọ́n tò bí ojú ọpọ́n ayò. Ìdérí ihò kọ̀ọ̀kan jẹ́ ike aláwọ̀ àlùkò tí èèyàn lè rí inú rẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó pé?"

Ohun tó bi mí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà nìyẹn. Mo wo fọ́tò, mo ka hóró inú ihò kọ̀ọ̀kan, mo sì dá a lóhùn pé ó pé. Iye hóró pé lóòótọ́. Oògùn ló ṣì. Iṣẹ́ apòògùn ni mo ń ṣe ní Èkó níbí, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà kò fi tíì kúrò lọ́kàn mi.

Hóró mẹ́ta ni Màmá ń lò láàárọ̀. Mẹtifọ́míìnì 500 mílígíráàmù fún ìtọ̀ ṣúgà, hóró ńlá gbọọrọ tí kò ṣeé ṣì mú. Gilibẹnkilamáìdì 5 mílígíráàmù fún ìtọ̀ ṣúgà kan náà. Amulodipíìnì 10 mílígíráàmù fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Lálẹ́, mẹtifọ́míìnì kan péré. Àwọn méjì kékeré yẹn ni wàhálà wà lára wọn: funfun ni méjèèjì, róbótó ni méjèèjì, kò sì sí lẹ́tà tàbí nọ́ńbà kankan lára èyíkéyìí nínú wọn. Gilibẹnkilamáìdì ní ìlà kan lójú kan, ojú kejì rẹ̀ dán. Amulodipíìnì tiwa dán lójú méjèèjì, ó sì fi nǹkan bíi mílímítà kan fẹ̀ jù ú lọ. Nílé Màmá, ìyàtọ̀ wọn kò ju ìyẹn lọ. Lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láti 1995 ni òfin ti ní kí ilé iṣẹ́ oògùn tẹ àmì sára hóró kọ̀ọ̀kan kí èèyàn lè dá a mọ̀. Ọ̀pọ̀ hóró tí mo ń tà lójoojúmọ́ kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́rú, bí aago mọ́kànlá àárọ̀, àbúrò mi pè mí. Òógùn ti bo Màmá, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọ́n ní ebi ń pa àwọn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Mo ní kó gún wọn níka, kó fi mítà wo ṣúgà wọn. 58 ló kà. Tí ó bá ti wà lábẹ́ 70, ó ti lọ sílẹ̀ jù nìyẹn. Mo ní kó po ṣíbí tíì mẹ́rin ṣúgà sínú omi fún wọn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 ó di 84, wọ́n sì jẹun sí i. Mo ní kó gbé wọn lọ sílé ìwòsàn síbẹ̀síbẹ̀, nítorí gilibẹnkilamáìdì kì í tètè kúrò lára àgbàlagbà. Ó lè fa ṣúgà wálẹ̀ padà lọ́wọ́ ọ̀sán tàbí lóru. Wọ́n dá wọn dúró di ọjọ́ kejì. Dókítà ní kí wọ́n dá gilibẹnkilamáìdì náà dúró ná.

Káàdì oògùn ló jẹ́ ká mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, páálí tuntun ló ṣí fún méjèèjì, hóró 30 ní páálí kọ̀ọ̀kan. Bó bá yọ méje nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 23 ló yẹ kó kù. Amulodipíìnì ku 26, gilibẹnkilamáìdì ku 20. Mẹ́rin ló yọ nínú ti àkọ́kọ́, mẹ́wàá nínú ti ìkejì. Àpapọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ mẹ́rìnlá. Ihò mẹ́ta ló ní gilibẹnkilamáìdì méjì-méjì láìsí amulodipíìnì kankan. Ó wá rántí pé iná lọ nígbà tó ń kó oògùn, tọ́ọ̀ṣì fóònù ló fi parí rẹ̀, káàdì méjèèjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì.

Mo padà lọ wo fọ́tò ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo ti mọ ohun tí mò ń wá, mo fẹ̀ ẹ́ títí, síbẹ̀ n kò rí i. Ìdérí ti fi àlùkò díẹ̀ kun gbogbo hóró. Ihò ọjọ́ Ajé ló sún mọ́ kámẹ́rà jù, ti ọjọ́ Àìkú wà lọ́hùn-ún, nítorí náà hóró ọjọ́ Ajé tóbi ju ti ọjọ́ Àìkú lọ lójú fọ́tò, ìyàtọ̀ náà sì ju mílímítà kan tí mò ń wá lọ. Ní ihò ọjọ́ Ẹtì, mẹtifọ́míìnì ti gun orí ọ̀kan nínú àwọn kékeré, etí rẹ̀ nìkan ló yọ. Mo rí ìlà lára hóró kan lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́jọ́rú tó ṣì gan-an, méjèèjì dán: ojú tó ní ìlà ló dà délẹ̀. Kámẹ́rà olówó ńlá kò lè rí abẹ́ hóró. Ká tiẹ̀ ní ó rí i, ojú lásán ni yóò rí. Oògùn tó wà nínú ẹfun yẹn, ara káàdì ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, a sì ti yọ ọ́ kúrò níbẹ̀.

Kíka èyí tó kù náà ní ibi tó mọ. Ó sọ fún wa pé ihò mẹ́ta ló ṣì, kò sọ èwo. Mo ní kí àbúrò mi da gbogbo èyí tó kù nínú àpótí nù, láti Ọjọ́bọ̀ lọ. Màmá bínú. "Owó lẹ ń dà nù yẹn o, ẹ̀yin ọmọ yìí." Mo bẹ̀ wọ́n. Mo lè dá mẹtifọ́míìnì mọ̀, àmọ́ n kò fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ṣa hóró tí kò sí nínú káàdì mọ́. Ó fi tuntun kó ọjọ́ mẹ́rin.

Lónìí, mo ní kó má gbé káàdì méjì sórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà. Oògùn kan ni kó kọ́kọ́ kó sínú gbogbo ihò tirẹ̀, kó ka ohun tó kù nínú káàdì, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó tó mú òmíràn jáde. Bí dókítà bá dá gilibẹnkilamáìdì padà, kò ní wọ àpótí mọ́. Inú káàdì rẹ̀ ni Màmá yóò ti máa yọ ọ́ láràárọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí fọ́tò dé lálẹ́ yìí, n kò dá a lóhùn pé ó pé. Mo pè é kí n lè máa wò ó lórí fóònù. "Amulodipíìnì, mélòó lo bá nínú káàdì kí o tó bẹ̀rẹ̀?"

"22, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mélòó ló kù?"

Ó gbé káàdì náà sójú kámẹ́rà, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta kí n lè ka orúkọ, ó wá ń fi ìka kan ihò tí hóró ṣì wà nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé 15.