Aago Ọwọ́ Mi Kò Rí Èémí Mi

Aago tí mo fi ń sáré sọ fún mi pé VO2 max mi jẹ́ 48, inú mi sì dùn sí nọ́ńbà yẹn fún oṣù mẹ́fà gbáko. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé bí mo bá sá eré débi tí agbára mi pin sí, kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan nínú ara mi á máa lo mílílítà ọ́síjìn 48 ní ìṣẹ́jú kan.

Mo wá lọ ṣe àyẹ̀wò gidi. Wọ́n fi ìbòjú bo imú àti ẹnu mi, mo gun ẹ̀rọ ìsáré, wọ́n sì ń fi eré kún eré. Nígbà tó yá, eré ń le sí i, ṣùgbọ́n ọ́síjìn tí mò ń lò kò gòkè mọ́. Ibẹ̀ lòpin mi: 44.

Mo ní bóyá ẹ̀rọ wọn ló ṣì í. Arákùnrin tó ṣe àyẹ̀wò náà na ìka sí ìlà mìíràn. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ibí. Ìlù ọkàn yín ò kọjá 170. Mélòó ni aago yín gbà pé ó jẹ́?” Aago mi ti yọ ọjọ́ orí mi, 40, kúrò nínú 220, ó sì fi mí sí 180.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Aago kò rí èémí ẹnikẹ́ni. Bí a ṣe ń sá tó ló ń gbà láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, ó sì ń fi iná kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ lábẹ́ awọ kó lè ka ìlù ọkàn. Àwọn tó ń ṣe aago ní ọgbọ́n ìṣirò tiwọn tí wọn kì í tú síta, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ọ̀kan tí àwọn onímọ̀ eré ìdárayá ń lò yẹ tèmi wò.

Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, mítà kọ̀ọ̀kan téèyàn sá ń gba nǹkan bíi mílílítà 0.2 fún kílógíráàmù kan. Ara tó jókòó jẹ́ẹ́ náà ń lo 3.5 ní ìṣẹ́jú kan. Mò ń sá kìlómítà 10 ní wákàtí kan, ìyẹn mítà 167 ní ìṣẹ́jú kan, tó ń gba nǹkan bíi 33 lórí 3.5 yẹn. Ọkàn mi ń lù ní 150 lásìkò náà, ó sì ń lù ní 60 tí mo bá sinmi. Bí òpin mi bá jẹ́ 180, mo ti lo ìlù 90 nínú 120 tó wà láàárín ìsinmi àti òpin, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Bí 33 bá jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, odindi rẹ̀ á jẹ́ 44. Ẹ fi 3.5 lé e, ó di nǹkan bíi 48. Ṣùgbọ́n 170 lòpin mi, 110 ló wà láàárín, 90 sì ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ tún un ṣe, ẹ ó rí 44.

Ìlù mẹ́wàá péré ló fa gbogbo rẹ̀. Ó sì wọ́pọ̀ kí òpin ẹnì kan fi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ sí ohun tí 220 yẹn wí. Ẹni tó ń lo oògùn tó ń dẹ ìlù ọkàn ń bẹ nínú èyí tó tún burú jù, nítorí aago á rò pé ara rẹ̀ le ni.

Oòrùn náà ń dà á rú. Nígbà tí ooru mú, eré kan náà gbé ọkàn mi dé 160, torí ara ń darí ẹ̀jẹ̀ sí awọ kó lè tutù, nọ́ńbà mi sì já wálẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Agbára mi ò dín kù rárá. Àwọn aago kan ń gbìyànjú láti yọ ooru kúrò nínú ìṣirò, tèmi kì í ṣe é.

Ẹ tún máa wo ìlà ìlù ọkàn lẹ́yìn eré. Bí ó bá fò sókè lójijì, tó dúró sójú kan, tó sì bá iye ìṣísẹ̀ yín ní ìṣẹ́jú kan mu, ẹsẹ̀ yín ni aago ń kà. Ẹ má ka nọ́ńbà ọjọ́ náà sí. Bẹ́líìtì tí wọ́n ń so mọ́ àyà kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo ti kọ 170 sínú aago mi báyìí. Lọ́sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, mo ń sá ojú ọ̀nà títẹ́jú kan náà, ní àárọ̀ kùtùkùtù, ní kìlómítà 10 ní wákàtí kan. Lóṣù tó kọjá, aago ní 47. Mo gbà á gbọ́, nítorí ní eré kan náà, ọkàn mi ti sọ̀ kalẹ̀ láti 150 sí 144.