Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa kóòdù géèmù olówó pọ́ọ́kú

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ sábà máa ń bi mí pé ṣé ibi tí wọ́n ti ń ta kóòdù tí a fi ń ṣí géèmù ní ìdajì owó ṣeé gbọ́kàn lé. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nídìí kọ̀ǹpútà, tí mo sì ń bá oníbàárà ra géèmù, ti kọ́ mi ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ yín kò tíì mọ̀. Bí Steam, ìsọ̀ géèmù kọ̀ǹpútà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, bá gba kóòdù wọlé lónìí, ọ̀rọ̀ kò tíì parí.

Ẹ wo ọ̀nà tí olè ń gbà. Ó jí nọ́ńbà káàdì báǹkì ẹnìkan, ó fi ra kóòdù rẹpẹtẹ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe géèmù. Owó olówó ló ná, nítorí náà iye yòówù kó tà á, èrè ni fún un. Ó wá kó wọn lọ sí ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni ti lè dá ìsọ̀ sílẹ̀. Ẹ rà á, ó ṣí, ẹ ń gbá géèmù yín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹni tó ni káàdì rí i pé owó òun ti dín, ó fẹjọ́ sun báǹkì. Báǹkì gba owó náà padà lọ́wọ́ àwọn tó ṣe géèmù, ó sì tún gba owó ìtanràn lé e. Àwọn náà lè wá pa kóòdù yẹn, kí géèmù kúrò nínú àkáǹtì yín nígbà tí ẹni tó tà á ti gbowó lọ.

Ọ̀rọ̀ Factorio ló jẹ́ kí èyí hàn kedere. Ilé iṣẹ́ Wube ní ìlú Prague ló ṣe géèmù náà. Ní 2019, G2A, tó jẹ́ ọ̀kan lára irú ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, ṣèlérí pé bí ilé iṣẹ́ kan bá lè fi hàn pé wọ́n ta kóòdù jíjí rẹ̀ lórí ọjà àwọn, àwọn á san ìlọ́po mẹ́wàá owó tí ìfàpadà owó báǹkì ná an. Wube ní kí wọ́n mú ìlérí náà ṣẹ. Nígbà tí G2A yẹ ìwé wò, ó rí kóòdù jíjí 198 tí wọ́n ti tà níbẹ̀ ní 2016, ó sì san dọ́là 39,600 fún Wube ní 2020. Ẹ pín in, dọ́là 200 ló bọ́ sórí kóòdù kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni pé nǹkan bíi dọ́là 20 ni olùṣe géèmù pàdánù lórí ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ iye tí géèmù náà fúnra rẹ̀ ń lọ nígbà yẹn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dùn mí pé àwọn tó ṣe nǹkan tí a fẹ́ràn ló ń san gbèsè olè.

Wube kì í ṣe ẹ̀dínwó láéláé. Láti 2023, dọ́là 35 ni Factorio. Bí ẹnìkan bá ń tà á ní 18, níbo ló ti rí i? Ìbéèrè yìí gan-an ni kí ẹ máa bi ara yín lórí géèmù gbogbo. Ẹ lọ sí isthereanydeal.com, ẹ wo iye tó kéré jù lọ tí ìsọ̀ tó ní àṣẹ ti tà á rí. Kì í ṣe gbogbo ohun tó pọ́ọ́kú ni jíjí o. Géèmù tó ti wà nínú àkójọ olówó kékeré bíi ti Humble lè ṣẹ́ kù sọ́wọ́ ẹni tó rà á, kí ó sì tà á láìjẹ́ pé ó jí i. Ṣùgbọ́n géèmù tó jáde lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tí kò sí nínú àkójọ kankan, tó ti di ìdajì owó, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ tún ka irú ohun tí olùtajà kọ pé òun ń tà dáadáa kí ẹ tó sanwó. "Steam Key" ni kóòdù. "Steam Account" jẹ́ orúkọ ìwọlé àti páásíwọ́ọ̀dù àkáǹtì ẹlòmíràn, ẹni tó kọ́kọ́ ní in sì lè fi ẹ̀rí ìrajà rẹ̀ gbà á padà lọ́wọ́ Steam. Steam kò tilẹ̀ gbà kí ẹnikẹ́ni ta àkáǹtì. Ẹ wo bóyá Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè tí kóòdù ti lè ṣiṣẹ́. Àǹfààní kí Steam dá owó padà láàárín ọjọ́ 14, bí ẹ kò bá tíì gbá a tó wákàtí méjì, kò kan kóòdù tí ẹ rà níta.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣí kóòdù lọ́dọ̀ olùtajà tí ẹ kò mọ̀, ẹ ká ojú kọ̀ǹpútà yín sílẹ̀ ní fídíò látìgbà tí kóòdù bá ṣì wà ní bíbò. Bí Steam bá kọ "Duplicate Product Code", ẹlòmíràn ti lò ó nìyẹn. Fídíò náà ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọjà lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ má dúró de èsì olùtajà tó ń ní kí ẹ ṣe sùúrù.